Nígbà tí Gbòǹgbò bá Bo Ìdá Mọ́lẹ̀: Bí a Ṣe Ń Wá Dòméènì àti Réǹjì

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni a gbé wá ní oṣù yìí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé gíga àti ti ìwọlé sí yunifásítì. Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé wá bá wa, tí ó jẹ́ pé bí mẹ́wàá bá ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọ ìdajì ìdáhùn, tí yóò sì rò pé òun ti ṣe tán. Ìbéèrè náà nìyí: wá dòméènì àti réǹjì fọ́ńṣọ̀n yìí.

f(x) = √((x + 1)/(x − 2))

Ẹ wò ó dáadáa. Ìdá kan wà, x + 1 ni òkè rẹ̀, x − 2 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àmì gbòǹgbò sì nà bo gbogbo ìdá náà, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń kọ ni pé x gbọ́dọ̀ ju 2 lọ, wọ́n á sì fa ìlà sí i nídìí. Òótọ́ ni pé gbogbo nọ́ńbà tí ó ju 2 lọ wà nínú ìdáhùn, ṣùgbọ́n apá kan ìdáhùn ni. Apá kejì ti sọnù, ẹni tí ó bá sì sọ ọ́ nù nínú dòméènì, réǹjì rẹ̀ náà kò ní pé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ẹ̀sọ̀ ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

KÍ NI DÒMÉÈNÌ, KÍ SÌ NI RÉǸJÌ?

Ẹ fi fọ́ńṣọ̀n wé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Àwọn ohun kan wà tí a lè dà sí i lẹ́nu, àwọn ohun kan sì wà tí bí a bá dà á sí i, ẹ̀rọ á kọṣẹ́. Gbogbo nọ́ńbà tí a lè fi sí ipò x kí ìṣirò má sì kọṣẹ́, àpapọ̀ wọn ni a ń pè ní dòméènì. Gbogbo nọ́ńbà tí ó lè ti ìdí ẹ̀rọ náà jáde, èyí tí a máa ń fi y dúró fún, àpapọ̀ wọn ni réǹjì.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Dòméènì ni a kọ́kọ́ ń wá, nítorí pé ohun tí ó wọlé ni ó ń sọ ohun tí yóò jáde.

ÈÈWỌ̀ MÉJÌ

Nínú irú fọ́ńṣọ̀n yìí, ohun méjì péré ni ó lè mú kí ẹ̀rọ kọṣẹ́.

Èkíní ni òdo ní ìsàlẹ̀ ìdá. A kò lè fi òdo pín nọ́ńbà. Bí a bá ní kí a fi 2 pín 6, à ń bèèrè pé 2 lọ́nà mélòó ni yóò fún wa ní 6, a ó sì rí 3. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a fi òdo pín 6, kò sí iye ọ̀nà tí a lè ka òdo kí ó di 6. Nítorí náà, x − 2 kò gbọdọ̀ jẹ́ òdo, ìyẹn ni pé x kò gbọdọ̀ jẹ́ 2.

Èkejì ni nọ́ńbà tí kò tó òdo lábẹ́ gbòǹgbò. Gbòǹgbò 9 jẹ́ 3, nítorí pé 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. Bí a bá wá gbòǹgbò −9 ńkọ́? 3 lọ́nà 3 kò fún wa ní −9. −3 lọ́nà −3 náà kò fún wa, 9 ni yóò padà jẹ́, nítorí pé àmì ìyọkúrò méjì tí a bá sọ di púpọ̀ máa ń pa ara wọn rẹ́. Láàárín àwọn nọ́ńbà tí à ń lò ní ilé-ìwé gíga, −9 kò ní gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n òdo ní gbòǹgbò, òdo náà ni. Nítorí náà, ohun tí ó wà lábẹ́ gbòǹgbò lè jẹ́ òdo, ó sì lè ju òdo lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí òdo.

Ẹ kíyèsí i pé gbogbo ìdá náà lódindi ni èèwọ̀ kejì yìí ń bá wí. Kò sọ pé x + 1 kò gbọdọ̀ dín sí òdo, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé x − 2 kò gbọdọ̀ dín sí òdo. Ohun tí ó jáde lẹ́yìn tí a bá ti pín in tán ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: WÍWÁ DÒMÉÈNÌ

Èèwọ̀ kejì fún wa ní ọ̀rọ̀ yìí, tí àmì rẹ̀ túmọ̀ sí pé apá òsì ju òdo lọ tàbí kí ó jẹ́ òdo gan-an:

(x + 1)/(x − 2) ≥ 0

Ohun tí ó máa ń wá sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn ni pé kí òun sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di púpọ̀ ní ọ̀nà x − 2 kí ìsàlẹ̀ ìdá lè kúrò. Yóò wá kù ú ku x + 1 ≥ 0, yóò sì kọ x ≥ −1. Ẹ jẹ́ kí a dán èyí wò. Òdo ju −1 lọ, nítorí náà ó yẹ kí x = 0 ṣiṣẹ́. Bí a bá fi sí i, òkè ìdá á di 1, ìsàlẹ̀ á di −2, ohun tí ó wà lábẹ́ gbòǹgbò á sì di −1/2. Kò dára. Ẹ wá jẹ́ kí a mú −2, èyí tí ìdáhùn yẹn lé síta. Òkè ìdá á di −1, ìsàlẹ̀ á di −4, ìdá náà á di 1/4, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 1/2. Ó dára púpọ̀. Ìdáhùn náà gba èyí tí kò yẹ wọlé, ó sì ti èyí tí ó yẹ síta.

Kí ló fà á? Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti pé nǹkan kan ju èkejì lọ, bí a bá sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò tó òdo, àmì náà gbọ́dọ̀ yí padà. 3 ju 2 lọ, ṣùgbọ́n −3 kéré sí −2. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò mọ̀ bóyá x − 2 ju òdo lọ tàbí kò tó o. Ó wà lọ́wọ́ x. Ẹni tí ó bá fi x − 2 sọ ọ́ di púpọ̀ láìwo ẹ̀yìn ti gbà láìsọ pé x ju 2 lọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé kí a wo àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, kí a sì fi wọ́n wé ara wọn. Òkè ìdá di òdo nígbà tí x bá jẹ́ −1. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ di òdo nígbà tí x bá jẹ́ 2. Ẹ fa ìlà nọ́ńbà kan sórí ìwé, kí ẹ sì kan èèkàn méjì mọ́ ọn, ọ̀kan ní −1, èkejì ní 2. Èèkàn méjèèjì ti pín ìlà náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Àmì òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ kò lè yí padà láìkọjá lórí òdo, nítorí náà nínú apá kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a bá dán wò tó láti sọ fún wa bí gbogbo apá náà ti rí.

Ní apá òsì, níbi tí x ti kéré sí −1, ẹ mú −2. A ti rí i pé òkè rẹ̀ jẹ́ −1, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ −4. Àwọn méjèèjì kò tó òdo, nítorí náà ìdá wọn ju òdo lọ. Apá yìí wọlé.

Ní àárín, láti −1 títí dé 2, ẹ mú òdo. Òkè jẹ́ 1, ìsàlẹ̀ jẹ́ −2. Ọ̀kan ju òdo lọ, èkejì kò tó o, ìdá wọn kò tó òdo. Apá yìí kò wọlé.

Ní apá ọ̀tún, níbi tí x ti ju 2 lọ, ẹ mú 3. Òkè jẹ́ 4, ìsàlẹ̀ jẹ́ 1, ìdá náà jẹ́ 4, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 2. Apá yìí wọlé.

Ó wá ku àwọn èèkàn fúnra wọn. Ní −1, òkè jẹ́ òdo, ìsàlẹ̀ jẹ́ −3, ìdá náà jẹ́ òdo, òdo sì ní gbòǹgbò. Nítorí náà −1 wọlé. Ní 2, ìsàlẹ̀ jẹ́ òdo, èèwọ̀ kìíní sì ti kọ̀ ọ́. Nítorí náà 2 kò wọlé. Dòméènì wa nìyí:

x ≤ −1 tàbí x > 2

Ẹ má ṣe fi "àti" rọ́pò "tàbí" o. Kò sí nọ́ńbà kan tí ó lè kéré sí −1 kí ó tún ju 2 lọ ní àkókò kan náà. Bákan náà, a kì í so wọ́n pọ̀ kí a kọ ọ́ ní −1 ≥ x > 2, nítorí pé ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé −1 ju 2 lọ.

ṢÉ A LÈ PÍN GBÒǸGBÒ NÁÀ SÍ MÉJÌ?

Àwọn kan wà tí kò sọ ohunkóhun di púpọ̀, síbẹ̀ tí apá òsì ṣì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́kọ́ tún fọ́ńṣọ̀n náà kọ báyìí:

√(x + 1)/√(x − 2)

Wọ́n á ní gbòǹgbò òkè fẹ́ kí x má ṣe dín sí −1, ti ìsàlẹ̀ fẹ́ kí x ju 2 lọ, nítorí náà x gbọ́dọ̀ ju 2 lọ. Ìṣirò yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n fọ́ńṣọ̀n mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Òfin tí ó ní kí a pín gbòǹgbò láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ìdá ní àdéhùn tirẹ̀: òkè kò gbọdọ̀ dín sí òdo, ìsàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ju òdo lọ. Ẹ fi −2 dán an wò. Nínú fọ́ńṣọ̀n tiwa, ó fún wa ní gbòǹgbò 1/4, tí ó jẹ́ 1/2. Nínú èyí tí wọ́n pín, ó fún wọn ní gbòǹgbò −1 lókè àti gbòǹgbò −4 nísàlẹ̀, ẹ̀rọ sì ti kọṣẹ́ kí wọ́n tó dé ibi pípín.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gba ìwé ìbéèrè, ẹ wo bí àmì gbòǹgbò náà ṣe gùn tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ó bo òkè àti ìsàlẹ̀, iṣẹ́ tí a ṣe lókè yìí ni ẹ ó ṣe. Bí ó bá jẹ́ méjì tí ó dá dúró, ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò lọ́tọ̀. Lórí apá ọ̀tún, àwọn méjèèjì ń fúnni ní èsì kan náà. Apá òsì ni ìyàtọ̀ wọn.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: WÍWÁ RÉǸJÌ

Ní ti réǹjì, a ó yí ìbéèrè náà padà. Dípò kí a bèèrè pé "bí mo bá fi x yìí sí i, kí ni yóò jáde?", a ó bèèrè pé "bí mo bá fẹ́ kí y yìí jáde, ǹjẹ́ x kan wà tí ó lè mú un jáde?" Gbogbo y tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" wà nínú réǹjì.

Kí a tó ṣe ohunkóhun, ohun kan wà tí a ó kọ sílẹ̀ lókè ìwé wa. Òótọ́ ni pé 3 àti −3 ni ó ń di 9 bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì √ kì í mú méjèèjì wá. Èyí tí kò dín sí òdo nìkan ni ó ń mú wá. Gbòǹgbò ni ó sì kẹ́yìn nínú iṣẹ́ fọ́ńṣọ̀n wa, kò sí ohun tí ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà:

y ≥ 0

Nísinsìnyí, y = √((x + 1)/(x − 2)). Ẹ jẹ́ kí a sọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí gbòǹgbò lè kúrò:

y² = (x + 1)/(x − 2)

Níbí, a lè sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di púpọ̀ ní ọ̀nà x − 2 láìbẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ méjì dọ́gba ni eléyìí, kì í ṣe ti pé ọ̀kan ju èkejì lọ, kò sì sí àmì tí yóò yí padà. Ohun tí a nílò kò ju pé kí x − 2 má ṣe jẹ́ òdo, a sì ti rí i dájú.

y²(x − 2) = x + 1
y²x − 2y² = x + 1

Ohun tí à ń wá ni x, nítorí náà a ó kó gbogbo ohun tí ó ní x sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ó kọ́kọ́ ro 2y² mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ohun tí a yọ kúrò lè padà bọ̀ sípò, lẹ́yìn náà a ó yọ x kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Lárúbáwá yóò rántí pé iṣẹ́ méjì yìí ni Al-Kuwarísímì fi sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ ní Bàgídáádì, ní ayé Kálífà Al-Máámúnù tí ó jọba láti ọdún 813 sí 833. Al-jábúrù ni dídá ohun tí a yọ padà sípò, al-mukábálà sì ni yíyọ ohun tí ó bára mu ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láti ara al-jábúrù ni orúkọ áljẹ́bírà ti wá.

y²x − x = 2y² + 1
x(y² − 1) = 2y² + 1
x = (2y² + 1)/(y² − 1)

Ìlà tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ń sọ x tí ó ń mú y kọ̀ọ̀kan jáde. Èèwọ̀ kìíní tún ti dé níbẹ̀: ìsàlẹ̀ ìdá yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ òdo. y² − 1 di òdo nígbà tí y bá jẹ́ 1 tàbí −1. −1 ti jáde tẹ́lẹ̀ nítorí ohun tí a kọ sókè ìwé. Nítorí náà, 1 nìkan ni ó kù tí a ó yọ. Réǹjì wa nìyí:

y ≥ 0, ṣùgbọ́n y ≠ 1

Ẹ jẹ́ kí a bèèrè ìdí tí 1 kò fi lè jáde, kí ó má baà dà bí idán. Kí gbòǹgbò lè jẹ́ 1, ìdá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, ìyẹn ni pé òkè àti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba: x + 1 = x − 2. Ìgbà wo ni nọ́ńbà tí a fi 1 kún yóò bá ara rẹ̀ tí a yọ 2 kúrò dọ́gba? Kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé.

Ó yẹ kí a tún bèèrè pé x tí a rí yìí, ṣé inú dòméènì ni ó wà? Bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè jẹ́ 2, nítorí pé kí ó tó lè jẹ́ 2, 2y² + 1 gbọ́dọ̀ bá 2y² − 2 dọ́gba, èyí tí kò ṣeé ṣe. Bí a bá sì fi í sínú ìdá, y² ni yóò jáde, y² kì í sì í dín sí òdo. Nítorí náà kò tẹ èèwọ̀ kankan lójú.

BÍ A ṢE LÈ YẸ IṢẸ́ WA WÒ

Ẹ mú y = 2. Ìlà wa tí ó kẹ́yìn sọ pé x = (8 + 1)/(4 − 1), tí ó jẹ́ 3. A ti rí i ṣáájú pé 3 ń fún wa ní 2. Ó bára mu. Ẹ mú y = 1/2. Òkè rẹ̀ á di 3/2, ìsàlẹ̀ á di −3/4, x á sì jẹ́ −2. Èyí náà bára mu.

Ẹ wá mú y = −2, kí ẹ rí ewu tí ó wà nínú gbígbàgbé ohun tí a kọ sókè ìwé. Ìlà kan náà yóò sọ pé x jẹ́ 3, nítorí pé −2 lọ́nà −2 náà jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi 3 sínú fọ́ńṣọ̀n, 2 ni yóò jáde, kì í ṣe −2. Nígbà tí a sọ y di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, àmì rẹ̀ sọnù, ìlà tí ó kẹ́yìn kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Àwa ni a ní láti rántí. Ẹni tí kò bá kọ y ≥ 0 sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò ka àìmọye nọ́ńbà tí kò tó òdo mọ́ réǹjì, kò sì ní mọ̀.

Ọ̀nà mìíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò ni kí a tẹ̀ lé apá kọ̀ọ̀kan dòméènì, kí a sì wo ohun tí ó ń bí. Òkè ìdá wa fi 3 ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, nítorí náà a lè kọ ọ́ báyìí:

(x + 1)/(x − 2) = 1 + 3/(x − 2)

Ní apá ọ̀tún, x − 2 ju òdo lọ, nítorí náà à ń fi nǹkan kún 1 ni. Ohun tí ó ń jáde níbẹ̀ ju 1 lọ nígbà gbogbo. Bí x bá jẹ́ 2.01, ìdá náà jẹ́ 301, gbòǹgbò rẹ̀ sì ju 17 lọ. Bí a bá túbọ̀ sún mọ́ 2, yóò máa pọ̀ sí i láìlópin. Bí x bá jẹ́ 102, ìdá náà jẹ́ 1.03, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 1.015. Ó ń sún mọ́ 1, ṣùgbọ́n kò ní dé ibẹ̀.

Ní apá òsì, x − 2 kò tó òdo, nítorí náà à ń yọ nǹkan kúrò lára 1 ni. Ní −1, òdo ni ó jáde. Ní −10, ìdá náà jẹ́ 9/12, ìyẹn 3/4, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 0.866. Ní −100, ó jẹ́ nǹkan bí 0.985. Òun náà ń sún mọ́ 1 láti ìsàlẹ̀, kò sì ní dé ibẹ̀.

Ẹ ti rí i báyìí. Apá òsì ni ó bí gbogbo y láti òdo títí dé ẹnu 1. Apá ọ̀tún ni ó bí gbogbo y tí ó ju 1 lọ. Ẹni tí ó bá sọ apá òsì nù nínú dòméènì yóò kọ y > 1 ní réǹjì, àṣìṣe kan á sì di méjì. Bí ẹ bá rí i pé dòméènì yín ní apá kan ṣoṣo, tí réǹjì tí áljẹ́bírà fún yín sì ní apá méjì, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti sọnù, kí ẹ padà sẹ́yìn lọ wò ó.

IBI TÍ Ọ̀NÀ YÌÍ TI YÀ

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni nọ́ńbà kan máa ń sọnù láàárín réǹjì. Ẹ wo èyí:

g(x) = √((3 − x)/(x + 2))

Àwọn èèkàn rẹ̀ wà ní −2 àti 3. Bí ẹ bá dán apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, àárín nìkan ni yóò wọlé: −2 < x ≤ 3. Bí ẹ bá ṣe réǹjì rẹ̀ bí a ti ṣe, ẹ ó kan x = (3 − 2y²)/(y² + 1). Ìsàlẹ̀ ìdá yìí kò lè jẹ́ òdo láéláé, nítorí pé y² kì í dín sí òdo, a sì tún fi 1 kún un. Kò sí ohun tí a ó yọ. Réǹjì rẹ̀ ni y ≥ 0, ó tán. Nítorí náà, ẹ má ṣe há "y ≠ 1" sórí. Ìsàlẹ̀ ìlà tí ó kẹ́yìn ni kí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bákan náà, y ≥ 0 kì í ṣe ti gbogbo fọ́ńṣọ̀n tí ó bá ṣáà ní gbòǹgbò. Ó jẹ́ ti èyí tí gbòǹgbò bo gbogbo rẹ̀. Nínú h(x) = √(x + 3)/(x − 1), òkè nìkan ni gbòǹgbò wà. Bí a bá fi −2 sí i, òkè jẹ́ 1, ìsàlẹ̀ jẹ́ −3, −1/3 sì jáde. Ìsàlẹ̀ tí kò sí lábẹ́ gbòǹgbò lè gbé àmì ìyọkúrò wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò dá a dúró.

IṢẸ́ FÚN Ẹ̀YIN ÒǸKÀWÉ

Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe èyí kí ẹ tó ka ìlà tí ó tẹ̀ lé e: wá dòméènì àti réǹjì k(x) = √((x − 4)/(x + 1)).

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé x < −1 tàbí x ≥ 4 ni dòméènì. Ní réǹjì, ẹ ó kan x = (y² + 4)/(1 − y²), nítorí náà y ≥ 0, ṣùgbọ́n y ≠ 1. Bí ẹ bá tẹ̀ lé apá kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé àwọn apá ti pààrọ̀ iṣẹ́ níbí: apá òsì ni ó ń bí èyí tí ó ju 1 lọ, apá ọ̀tún ni ó ń bí láti òdo dé ẹnu 1. Ẹni tí ó bá lè sọ ìdí rẹ̀ láìwo ìwé, ẹ̀kọ́ oṣù yìí ti yé e. Bí kò bá yé e, kí ó kọ x − 4 gẹ́gẹ́ bí x + 1 tí a yọ 5 kúrò lára rẹ̀, kí ó pín in, kí ó sì wo ohun tí àmì x + 1 ń ṣe sí 5 náà.